Ìwé Rìfẹ́rà Fún Àgbẹ̀ Tí Apá Rẹ̀ Ń Kú: Ohun Tó Yẹ Kó Wà Nínú Rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn wa tó ń dáko ní Nàsáráwá, Bẹ́núè, Tàrábà àti Pìlátò, lásìkò tí a bá ń gbé iṣu àti àgbàdo wọ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n lẹ́nu wa: "Apá mi ń kú." Tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí kò lọ, òṣìṣẹ́ ìlera tó wà ní kílíníìkì abúlé kì í fẹ́ dá a tọ́jú mọ́. Ìwé rìfẹ́rà ló máa kọ, kí ẹni náà lè lọ bá dókítà ní ọsibítù jẹ́nẹ́rà. Ìwé yẹn la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn kan máa ń fi sápò títí yóò fi gbó. Àwọn míì gbé e dé ọsibítù o, àmọ́ "apá ń dùn ún" nìkan ló wà nínú rẹ̀, wọ́n á fún wọn ní oògùn ara ríro, wọ́n á ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀

Nínú èdè tiwa, tí a bá ní apá kú, ó lè túmọ̀ sí pé a ò mọ nǹkan lára mọ́ níbẹ̀. Ó tún lè túmọ̀ sí pé apá rọ, kò ní agbára. Bí a bá wá fi Haúsá tàbí píjìn sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe Yorùbá, ó lè kọ ọ́ pé apá ti rọ, kí dókítà máa wá àrùn rọpárọsẹ̀ kiri. Nítorí náà, ẹ má sọ pé apá kú kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Ẹ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an: "Ó ń ta mí bí abẹ́rẹ́." "Tí mo bá di ife tíì mú, mi ò mọ̀ pé ó gbóná." "Ọkọ́ máa ń bọ́ lọ́wọ́ mi." Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìmọ̀lára, ẹ̀kẹta jẹ́ ti agbára. Dókítà nílò láti mọ èwo ló jẹ́, tàbí bóyá méjèèjì ni.

Ìka wo ni?

Àwọn iṣan ìmọ̀lára tó ń ṣiṣẹ́ fún apá wá láti inú eegun ọrùn. Wọ́n gba èjìká kọjá dé ìka, kálukú sì ní apá ibi tirẹ̀. Tó bá jẹ́ àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là ló ń kú, iṣan ọrùn kẹfà la máa ń fura sí. Tó bá jẹ́ ìka àárín, ìkeje ni. Tó bá jẹ́ ọmọńdinrín àti ìka tó tẹ̀ lé e, ó lè jẹ́ ìkẹjọ, ó sì lè jẹ́ iṣan tó gba ẹ̀yìn ìgbọ̀nwọ́ kọjá ni nǹkan fún mọ́. Tí ọrùn kò bá dun èèyàn rárá, tó jẹ́ pé òru ni àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e máa ń kú, ọrùn ọwọ́ la kọ́kọ́ máa ń wò.

Ìdí nìyẹn tí òṣìṣẹ́ ìlera fi gbọ́dọ̀ ní kí èèyàn di ojú, kó fi òwú kan ìka kọ̀ọ̀kan, kó sì fi ọwọ́ kejì wé e. Kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ

Ẹ jẹ́ ká ní àgbẹ̀ kan wà lẹ́bàá Láfíà, ẹni ọdún 48. Òun nìkan gbé àpò àgbàdo tó tó kílò 100 sẹ́yìn ọ̀kadà. Nǹkan fà á lọ́rùn, láti ọjọ́ náà ni apá ọ̀tún ti ń ta á. Báyìí ni ìwé rìfẹ́rà rẹ̀ ṣe yẹ kó rí:

"Ọkùnrin, àgbẹ̀, ọdún 48, ọwọ́ ọ̀tún ló ń lò. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ 5 tí apá ọ̀tún ti ń kú, ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó gbé àpò àgbàdo. Ó ti ọrùn sọ̀ kalẹ̀ dé àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là. Tó bá wòkè tó sì yíjú sọ́tùn-ún, ó máa ń le sí i. Kò mọ òwú lára ní ìka méjèèjì yìí. Agbára tó fi ń ká ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún kò tó tòsì. Ẹsẹ̀ méjèèjì dára, ó ń rìn dáadáa, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ kò yí padà. Kò sí àbàwọ́n lára. A ti yẹ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru wò, wọn kò ga. Ó ti lo parasitamọ́ọ̀lù fún ọ̀sẹ̀ 2, kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yẹ iṣan ọrùn wò."

Ẹni tó bá ka èyí ti mọ ibi tó máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó jọ pé tìmùtìmù tó wà láàárín eegun ọrùn ló yọ tó ń tẹ iṣan kẹfà. Ẹ wò ó pé ìwé náà sọ ohun tí kò sí pẹ̀lú. Ìtọ̀ ṣúgà máa ń mú kí ara kú, àmọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú. Ẹ̀tẹ̀ náà lè mú kí ọwọ́ kú, ó sì lè fi àbàwọ́n tí kò mọ ìfọwọ́kàn hàn lára. Ó ní ìwòsàn, oògùn rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n tí a kò bá wò ó a ò ní mọ̀.

Èyí tí kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ kílíníìkì

Bí ẹsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo tàbí kó máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, bí ọwọ́ méjèèjì bá ń kú tí èèyàn kò lè de bọ́tìnnì mọ́, bí ìtọ̀ bá há tàbí tó ń dà fúnra rẹ̀, ọ̀pá ẹ̀yìn gan-an ni nǹkan ń tẹ̀ yẹn o. Ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ lọ. Bákan náà ni tí apá bá kú lójijì tí ẹnu sì wọ́, tàbí tí àyà ń fún èèyàn pinpin pẹ̀lú òógùn. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹrù gbígbé mọ́. Tí agbára ọwọ́ bá ń dín kù lójoojúmọ́, ẹ má jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ kan.

Lẹ́yìn tí ẹ bá dé ọsibítù

Ẹ̀rọ èksíreè máa ń fi eegun hàn, kì í fi iṣan hàn. Torí náà tí wọ́n bá ní èksíreè dára, kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni ẹ ń pa. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò ẹ̀rọ ńlá tó ń ya iṣan, owó rẹ̀ sì pọ̀. Dókítà sábà máa ń fi í sílẹ̀ fún ẹni tí agbára rẹ̀ ń lọ tàbí tí kò sàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ iṣan ọrùn báyìí máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 láìsí iṣẹ́ abẹ, bí èèyàn bá sinmi ẹrù, tó lo oògùn, tó sì ṣe eré ìdárayá tí wọ́n bá kọ́ ọ. Ní gbogbo àsìkò yìí, kò sí ẹrù lórí, kò sí àpò léjìká. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ọrùn yín kó dún kà! Tìmùtìmù tó ti yọ lè yọ sí i.

Níkẹyìn, púpọ̀ nínú fọ́ọ̀mù rìfẹ́rà ló ní apá ìsàlẹ̀ tí dókítà máa kọ èsì sí. Ẹ rán wọn létí kí wọ́n kọ ọ́, kí ẹ sì gbé e padà fún òṣìṣẹ́ abúlé, torí òun ló máa mọ ìgbà tí ẹ lè padà sóko. Kí ẹ tó kúrò ní abúlé, ẹ fi fóònù ya ìwé náà. Bí òjò bá pa á lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín.