Ìṣẹ́tí Aṣọ Jẹ́sì: Ibi Tí Sígísáágì àti Abẹ́rẹ́ Ìbejì Ti Wá, àti Ibi Tí Agbára Wọn Mọ

Àìsàn méjì ló sábà máa ń bá ìṣẹ́tí aṣọ jẹ́sì, ọ̀pọ̀ aránṣọ sì ń ka méjèèjì sí ọ̀kan ṣoṣo. Èkíní ni pé òwú máa ń já: ẹni tó ni aṣọ bọ orí sí i lẹ́ẹ̀kan péré, ojú ìrán já pá, ìṣẹ́tí sì tú. Èkejì ni pé etí aṣọ kì í tẹ́. Á fẹ̀ ju ara aṣọ tó wà lókè rẹ̀ lọ, á máa ru sókè sódò bí aṣọ tó ti gbó, bẹ́ẹ̀ kò tíì ju ìṣẹ́jú kan lọ tó kúrò lórí máṣíìnì. Oògùn kan náà ni wọ́n ń júwe fún méjèèjì: lo sígísáágì, tàbí kí o ki abẹ́rẹ́ ìbejì bọ máṣíìnì. Èrò tèmi ni pé oògùn yìí ń wo àìsàn àkọ́kọ́, kì í wo èkejì, ó sì máa ń dá kún èkejì nígbà mìíràn. Ẹni tó bá tọpa bí ojú ìrán wọ̀nyí ṣe dé ọwọ́ àwa tó ń ránṣọ nílé àti ní ṣọ́ọ̀bù kékeré yóò rí ìdí rẹ̀.

Bí aṣọ jẹ́sì ṣe rí ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀. Nínú aṣọ òfì, òwú kan na tàntàn lóòró, òmíràn ń gba àárín rẹ̀ kọjá níbùú, méjèèjì sì di ara wọn mú débi pé kò sí èyí tó lè nà lọ títí. Jẹ́sì kò ní irú ìdè bẹ́ẹ̀. Òwú kan ṣoṣo ló ń ta ojóbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojóbó, tí ojóbó ìlà kejì ń gba inú ti ìlà àkọ́kọ́ yọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń hun ún títí di 1589, nígbà tí William Lee, ará Calverton nítòsí Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ẹ̀rọ kan tó ń hun ìbọ̀sẹ̀. Tí a bá fa aṣọ yìí níbùú, ojóbó á fẹ̀, á sì kúrú; tí a bá jọ̀wọ́ rẹ̀, á padà sí bó ṣe wà. Ìbú yìí gan-an ni jẹ́sì ti máa ń nà jù, ìbú náà sì ni ìṣẹ́tí àti ẹnu apá máa ń gbà. Nítorí náà, òwú tí a bá rán sí etí aṣọ wà níbi tí aṣọ ti ń béèrè fún nínà jùlọ.

Kì í ṣe irú aṣọ yìí ni àwọn tó ṣe máṣíìnì ìránṣọ àkọ́kọ́ ní lọ́kàn. Barthélemy Thimonnier, télọ̀ ilẹ̀ Faransé tó gba ìwé àṣẹ ní 1830, lo òwú kan ṣoṣo tó ń ta ojóbó bọ inú ojóbó bí ẹ̀wọ̀n. Aṣọ ológun ni wọ́n ń fi rán ní Páríìsì kí àwọn télọ̀ tó bẹ̀rù pé iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ wọn tó wá fọ́ ṣọ́ọ̀bù náà. Elias Howe ti Amẹ́ríkà gba àṣẹ tirẹ̀ ní 1846 fún ojú ìrán tó ń lo òwú méjì, ọ̀kan láti òkè, ọ̀kan láti inú bọ́bìnì, tí wọ́n ń kọ́ ara wọn láàárín aṣọ. Èyí ni Isaac Singer àti àwọn mìíràn tà káàkiri ayé. Ó borí nítorí pé kì í tú bí òwú kan bá já, iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ jọra, kì í sì í jẹ òwú púpọ̀. Ànfààní ìkẹyìn yìí ló di ìṣòro lórí jẹ́sì. Òwú tí kò ju gígùn aṣọ lọ kò ní ohun tí yóò fi tẹ̀ lé aṣọ nígbà tó bá nà.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe aṣọ híhun kò bá ìṣòro yìí pẹ́. Ojú ìrán ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n padà sí: James Gibbs gba àṣẹ ẹ̀rọ olówùú kan ní 1857, nígbà tó sì di 1889 ìdílé Merrow, tó ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ní Connecticut, gba àṣẹ ẹ̀rọ tó ń rán etí aṣọ bó ṣe ń yí i ká. Ọmọ ẹ̀rọ yẹn ni èyí tí àwọn télọ̀ wa ń pè ní máṣíìnì wíífìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ tó ń rán ìlà méjì lókè, tí òwú rẹ̀ sì ń bo abẹ́, èyí tó ń ṣe ìṣẹ́tí ọ̀pọ̀ pólò tí a ń rà lọ́jà. Sígísáágì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun, nítorí Helen Blanchard gba àṣẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1873. Ṣùgbọ́n ọdún 1930 sí 1940 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé inú máṣíìnì ilé, láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ bíi Necchi ní Ítálì. Máṣíìnì dúdú ọlọ́wọ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ tó kún ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá kò ní in: ọ̀ọ́kán tààrà nìkan ló mọ̀. Kò sì sẹ́ni tó ṣe wàhálà lórí èyí títí aṣọ tó ń nà fi di ti gbogbo ayé, pàápàá lẹ́yìn tí Joseph Shivers ti ilé iṣẹ́ DuPont ṣe okùn tín-ín-rín tó ń nà bí rọ́bà, tí wọ́n ń pè ní Lycra, ní 1958. Láàárín 1960 sí 1970 ni àwọn olùkọ́ bíi Ann Person ní Oregon àti Kerstin Martensson ní Minneapolis sọ rírán jẹ́sì nílé di ẹ̀kọ́ tí àwọn obìnrin ń sanwó kọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò ohun tí sígísáágì ń ṣe gan-an. Kò fún òwú lágbára rárá. Ńṣe ló ń tọ́jú òwú pamọ́, bí ọ̀nà kọ́rọkọ̀rọ ṣe máa ń gùn ju ọ̀nà tààrà láàárín ìlú méjì kan náà. Ká sọ pé gígùn ojú ìrán jẹ́ mìlímítà 2, tí fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 1.5: ibi tí òwú gbà ní ìdábùú yóò jẹ́ mìlímítà 2.5. Fún gbogbo sẹ̀ǹtímítà 20 ẹnu apá, òwú sẹ̀ǹtímítà 25 ló wà níbẹ̀. Bí àtẹ́lẹwọ́ tó fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá bá yí ká ní 24, òwú yóò tẹ̀ lé aṣọ láìjá. Ẹni tó rán an ní ọ̀ọ́kán kò ní ju 20 àti díẹ̀ lọ, díẹ̀ yẹn sì ni ohun tí òwú fúnra rẹ̀ lè nà. Ìṣirò kan náà yìí tú àṣírí sígísáágì tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn kan fẹ́ràn nítorí pé ó jọ ọ̀ọ́kán. Bí fífẹ̀ bá jẹ́ 0.5, tí gígùn sì jẹ́ 2.5, òwú tó fi pamọ́ kò ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí irú rẹ̀ kò bá já, a jẹ́ pé ẹni tó rán an dẹ òwú rẹ̀ dáadáa ni.

Abẹ́rẹ́ ìbejì tọ ọgbọ́n kan náà, ṣùgbọ́n abẹ́ aṣọ ló ń fi í pamọ́ sí. Orí kan ni abẹ́rẹ́ méjèèjì so mọ́, nọ́ńbà 4.0/75 tó wà lára páálí rẹ̀ túmọ̀ sí pé mìlímítà 4 ló wà láàárín wọn, 75 sì ni títóbi abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan. Òwú méjì ń bọ̀ láti òkè, bọ́bìnì kan ṣoṣo sì ń lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún láàárín wọn, ó ń ya sígísáágì lábẹ́. Ẹni kan lè sọ pé ọ̀ọ́kán méjì ṣì ni tòkè jẹ́, pé ẹwà ọjà pólò lásán ni à ń sín jẹ. Apá kan nínú ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́. Ìlà méjì tòkè kò ní ìpamọ́ kankan àyàfi èyí tí a bá dẹ sílẹ̀, nítorí náà ìṣẹ́tí abẹ́rẹ́ ìbejì kì í nà tó sígísáágì tó fẹ̀. A lè fi gígùn 3 sí 3.5 rán an, ká dẹ òwú òkè, ká sì ká òwú náílọ́ọ̀nù tó rí múlọ́múlọ́ sínú bọ́bìnì pẹ̀lú ọwọ́ láìfà á le. Bí òkè kékeré bá yọ láàárín ìlà méjèèjì, a jẹ́ pé òwú bọ́bìnì ti le jù, òun náà ni yóò sì kọ́kọ́ já. Ohun mìíràn tún wà tí ìtàn fi sílẹ̀: ihò roboto kékeré ni abẹ́rẹ́ ń gbà kọjá lórí máṣíìnì ọlọ́ọ̀ọ́kán. Ìbejì kò lè wọ ibẹ̀. Irin ni yóò gbá, yóò sì kán. Máṣíìnì tí ihò rẹ̀ gùn nítorí sígísáágì nìkan ló lè gbà á.

Títí di ibi tí a dé yìí, kò sí èyí tó kan ríru. Ohun tó ń fà á wà láàárín ẹsẹ̀ máṣíìnì àti eyín rẹ̀. Eyín ń ti aṣọ ìsàlẹ̀ síwájú, ẹsẹ̀ ń tẹ aṣọ òkè mọ́lẹ̀, ó sì ń dá a dúró. Lórí òfì kò sí nǹkan tí yóò ṣe, ṣùgbọ́n lórí jẹ́sì ojóbó á ya sílẹ̀, òwú á sì dè é mọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ wíífìn ń bọ́ nínú èyí nítorí pé ọ̀wọ́ eyín méjì ló ní: a lè mú kí ti iwájú yára ju ti ẹ̀yìn lọ, kó máa kó aṣọ jọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń nà án. Ọ̀wọ́ kan ṣoṣo ni máṣíìnì ilé ní, ì báà jẹ́ èyí tó ń rán sígísáágì. Sígísáágì tó kúrú tó sì fẹ̀ tún ń kó òwú púpọ̀ sáàárín ojóbó, ó ń tì wọ́n jìnnà síra wọn, ìdí nìyẹn tí ìṣẹ́tí tí kò já rárá fi lè ru ju ti ọ̀ọ́kán lọ.

A lè wọn èyí kí a tó fọwọ́ kan aṣọ gan-an. Ká fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí sẹ̀ǹtímítà 10 níbùú àgékù jẹ́sì náà, ká ṣẹ́ ẹ bí a ṣe fẹ́ ṣẹ́ ìṣẹ́tí, ká rán an, ká tún wọ̀n ọ́n. Bó bá di 11, ìṣẹ́tí tó yí ká ní 100 yóò di 110, kò sì sí ọ̀nà tí yóò fi tẹ́. Ká dín títẹ̀ ẹsẹ̀ kù, ká sọ ojú ìrán di gígùn, tàbí ká fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ aṣọ kí eyín má baà rí jẹ́sì mú tààrà. Lẹ́yìn ìrán a ó fa bébà náà ya. Lẹ́yìn àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, ká tún wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ku díẹ̀, ọ̀rinrin gbígbóná láti inú áyọ́ọ̀nù lè mú ojóbó padà, bí a bá gbé áyọ́ọ̀nù sókè díẹ̀ tí a kò fà á lórí aṣọ. Aṣọ tí Lycra wà nínú rẹ̀ ń fẹ́ ìṣọ́ra níbí, nítorí ooru tó pọ̀ jù máa ń pa okùn náà.

Àwọn kan ń sọ pé sígísáágì kò pọn dandan, pé bí wọ́n bá ti fọwọ́ na jẹ́sì bí wọ́n ṣe ń rán ọ̀ọ́kán, kì í já. Òótọ́ ni pé kì í tètè já: òwú tí a rán sára aṣọ tí a nà gùn ju aṣọ náà lọ nígbà tó bá padà. Ṣùgbọ́n jẹ́sì tí a nà lábẹ́ abẹ́rẹ́ kì í padà tán, nítorí náà wọ́n ń fi ríru ra ìṣẹ́tí tí kò já. Àríwísí tó lágbára jù ni ti síkẹ́ẹ̀tì gbàgẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fi agbára na ìsàlẹ̀ síkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọ̀ọ́kán tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 3 kò ní já níbẹ̀ láé, sígísáágì kò sì ní iṣẹ́ kankan tí yóò ṣe. Síbẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ríru ti máa ń hàn jù, nítorí etí aṣọ gùn púpọ̀, kò sì sí ara tó fà á.