Láti Àmì # dé Ọ̀rọ̀ Ojú Fídíò: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Rí Ohun Tí A Ń Wá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àǹtí mi kan tó ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, ló jẹ́ kí n mọ̀ pé òwe yìí bá fídíò orí fóònù mu. Wọ́n ya fídíò kékeré kan níbi tí wọ́n ti ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ iṣẹ́ sára aṣọ. Iṣẹ́ náà dùn ún wò, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí àwa ẹbí, àwọn tó rí i kò pọ̀. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ kò ju èyí lọ: “Ẹ wò ó o! #fyp #viral #foryou”. Kí a tó mọ ohun tó fà á tí ẹni tó ń wá àdìrẹ kò fi rí fídíò àdìrẹ, a ní láti padà sí ibi tí àmì # ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 2007, ọ̀gbẹ́ni Chris Messina ní Amẹ́ríkà kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan sórí Twitter. Ó béèrè bóyá a lè máa fi àmì # síwájú orúkọ ohun kan, kí gbogbo ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ohun náà lè wà papọ̀. Kì í ṣe òun ló dá àmì náà sílẹ̀. Àwọn yàrá ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àtijọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ń fi í síwájú orúkọ wọn. Àmọ́ lórí Twitter, ńṣe ni ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn ń ṣàn lọ bí odò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn mìíràn ń sọ nípa ọ̀ràn kan kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni àbá yìí wúlò. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2007, iná ńlá sọ ní agbègbè San Diego ní Kalifọ́níà. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ #sandiegofire sára ìròyìn wọn, kí ẹni tó ń wá ibi tí iná dé lè rí i. Ohun tó mú kí ó ṣiṣẹ́ ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n lò, wọ́n sì kọ ọ́ bákan náà. Ká ní olúkúlùkù ti sọ iná náà lórúkọ tó wù ú ni, ìròyìn náà ì bá tún fọ́n káàkiri. Ní ọdún 2009, Twitter sọ háṣítáàgì di ohun tí a lè tẹ̀ láti rí gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí fídíò kúkúrú dé, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìkànnì Vine bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013 pẹ̀lú fídíò ìṣẹ́jú àáyá 6. Lẹ́yìn rẹ̀ ni TikTok gbilẹ̀, pàápàá láti ọdún 2018 tí wọ́n da musical.ly pọ̀ mọ́ ọn. Níbẹ̀, òǹwòran kì í sábà wá nǹkan. Ìkànnì fúnra rẹ̀ ló ń gbé fídíò síwájú rẹ̀ lójú ewé tí wọ́n ń pè ní For You. Àwọn ènìyàn wá gbà pé bí a bá kọ #fyp, fídíò wa yóò dé ojú ewé náà. Ṣùgbọ́n #fyp kò sọ ohun tó wà nínú fídíò. Ó dà bí kí a kọ “ọjà” sára gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà nínú ọjà: irọ́ kọ́, àmọ́ kò tọ́ka ẹnikẹ́ni síbi kankan.

Ọdún 2022 ni ìtàn náà tún yà. Ní oṣù Keje, Prabhakar Raghavan, ọ̀gá kan ní Google, sọ pé nínú ìwádìí wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 nínú 100 ọ̀dọ́ tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò ti jẹun ọ̀sán tó ń lọ sórí TikTok tàbí Instagram láti wá a. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, TikTok mú ọ̀rọ̀ abẹ́ fídíò kúrò ní àmì lẹ́tà 300, ó sọ ọ́ di 2,200. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: àwọn ènìyàn ti ń tẹ ìbéèrè sínú àpótí àwárí, ìkànnì sì nílò ọ̀rọ̀ tí yóò fi mọ fídíò tó dáhùn rẹ̀.

Ibi tí mo ti padà sọ́dọ̀ àǹtí mi nìyí. Mo bi wọ́n pé, “Ẹ̀yin Àǹtí, kí ni àwọn oníbàárà máa ń béèrè bí wọ́n bá dé ṣọ́ọ̀bù?” Wọ́n ní, “Wọ́n máa ń ní, ‘Ṣé ẹlẹ́kọ ni àbí oníko? Ṣé Abẹ́òkúta ni ẹ ti ṣe é?’” Mo ní, “Ẹ ò wa kọ ìkankan nínú ẹ̀ sábẹ́ fídíò yín.” A tún un kọ báyìí:

```
Àdìrẹ ẹlẹ́kọ (adire eleko): bí a ṣe ń fi ìyẹ́
kọ iṣẹ́ sára aṣọ ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta.
#adire #adireeleko #abeokuta
```

Orúkọ ohun náà ló ṣáájú, nítorí ìlà àkọ́kọ́ ni òǹwòran kọ́kọ́ ń rí kí ó tó tẹ ìyókù. A kọ orúkọ náà lọ́nà méjì, torí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì sí i bí wọ́n bá ń wá nǹkan, àwọn ìkànnì kan sì ń ka #àdìrẹ àti #adire sí ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Háṣítáàgì mẹ́ta náà ní iṣẹ́ tiwọn: ọ̀kan fún gbogbo àdìrẹ, ọ̀kan fún irú rẹ̀, ọ̀kan fún ìlú. A so adireeleko pọ̀ nítorí pé bí àlàfo bá wà níbẹ̀, #adire nìkan ni ìkànnì yóò kà. Lẹ́yìn èyí, a kọ “adire eleko” gàdàgbà sí ojú fídíò láti ìbẹ̀rẹ̀, àǹtí mi sì fi ẹnu ara wọn pe orúkọ rẹ̀.

Fídíò náà kò gba ayé kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wo ojú ewé tí ìkànnì ti ń fi ibi tí òǹwòran gbà wọlé han ẹni tó ni fídíò, àwárí ti wà lára wọn, èyí tí kò sí tẹ́lẹ̀. Obìnrin kan láti Ìbàdàn sì pè, ó ń béèrè ẹlẹ́kọ gan-an, kì í ṣe “aṣọ yín yẹn.”

Ààlà wà fún un o. Ọ̀rẹ́ àǹtí mi kan fi orúkọ olórin tó lókìkí sábẹ́ fídíò aṣọ tirẹ̀. Àwọn tó ń wá olórin dé, wọ́n rí aṣọ, wọ́n sì fò ó kọjá kíá. Ìkànnì ń kíyè sí irú ìfòkọjá bẹ́ẹ̀, ó sì lè máà gbé fídíò náà síwájú mọ́. YouTube tilẹ̀ ní òfin pé bí háṣítáàgì fídíò kan bá ju 60 lọ, òun kò ní ka ìkankan nínú wọn.

Láti ọdún 2007 títí di òní, ìlànà kan náà ló wà nídìí rẹ̀. Àwọn tó kọ #sandiegofire lo ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń sá fún iná yóò wá. “Ẹ wò ó o” jẹ́ ohun tí àǹtí mi fẹ́ sọ. “Adire eleko” ni ohun tí oníbàárà ń wá. Ilé oníbàárà ló yẹ ká wò kí a tó sọ fídíò lórúkọ.