Àgò Lẹ́tà: Ímeèlì Àkọ́kọ́ sí Ẹni Tí A Kò Mọ̀ Rí

Nígbà tí ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní 1984, ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni wọ́n ń wá. Ímeèlì kò sí nínú ìṣòro wọn. Síbẹ̀, ọmọ ilé-ìwé tó ti kọ lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́ rí ti ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ tí a nílò: ìkíni, àkọlé, kókó, àsọkágbá. Ibì kan ṣoṣo ló ti yẹ̀. Nínú lẹ́tà ilé-ìwé, ìkíni ló ń ṣáájú àkọlé. Nínú ímeèlì, àkọlé ló ń ṣáájú, òun àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ nínú gbólóhùn àkọ́kọ́ ni ẹni tó gbà á yóò rí lójú fóònù kó tó pinnu bóyá yóò ṣí i. Àpapọ̀ nǹkan mẹ́ta yìí kò tíì lórúkọ. Àgò ni mo ń pè é.

Ẹni tó bá mọ agboolé Ìsàlẹ̀ Òsì ní Ìbàdàn yóò mọ ìdí rẹ̀. Àlejò a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ní, "Àgò onílé o!" Wọn a ní, "Ta nìyẹn o?" Yóò sọ ilé tó ti wá àti ẹni tó ń wá. Kì í já wọ inú yàrá, kì í sì í sọ pé ọ̀rọ̀ pàtàkì ló gbé òun wá, kó wá dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi aṣọṣẹ kan níbẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ó fẹ́ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ìpara kan ní Ìkẹjà tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ kọ nìyí:

Àkọlé: ÌBÁṢEPỌ̀ PÀTÀKÌ
"Ẹ kú àárọ̀ o. Ilé ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Mo lérò pé ara le. Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ òkìkí yín. A fẹ́ kí a jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fèsì lónìí."

Àléébù méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò lórí, kò nídìí: iṣẹ́ wo ni wọn yóò jọ ṣe? Ó tún ń fínná mọ́ ẹni tí kò jẹ ẹ́ ní gbèsè èsì. Ìyẹn ni mo ṣe ń pe àléébù kejì yìí ní ìfínnámọ́ni. Òun náà ló tún un kọ:

Àkọlé: Ọṣẹ dúdú kílò-kílò láti Ìsàlẹ̀ Òsì, Ìbàdàn
"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo rí ìpara òrí yín ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Bódìjà, mo sì kà á lára páálí rẹ̀ pé ẹ ń lo ọṣẹ dúdú. Èmi ń fi eérú èèpo kòkó àti àdín se é. Ṣé ẹ̀yin lẹ ń ra ọṣẹ wọlé níbẹ̀, àbí ẹlòmíràn ni kí n kọ̀wé sí? Mo lè fi kílò kan ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ dán an wò. Bí ẹ kò bá nílò rẹ̀, ẹ sọ fún mi, kò sí wàhálà."

Ìkíni kan ló kù, ó sì tó. "Ẹ kú àárọ̀" lè bá a ní ìrọ̀lẹ́. "Ẹ kú iṣẹ́" bá ìgbàkígbà tó bá ṣí i mu. Ọ̀rọ̀ páálí yẹn ló wá rọ́pò òkìkí. Bí a bá lè yí orúkọ ẹni tí a ń kọ̀wé sí padà tí gbólóhùn náà ṣì dúró, kì í ṣe àgò. Gbogbo ayé ni a lè fi òkìkí ránṣẹ́ sí.

Ohun tó ń béèrè náà kéré: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èsì rẹ̀. Àwọn kan ń pe èyí ní ẹ̀bẹ̀, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹlẹ́bẹ̀ ń wólẹ̀, oníṣòwò ń béèrè. Ìbéèrè ni kó máa jẹ́. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ni mo pè ní àyè àtikọ̀. Kò gbọdọ̀ di àforíjì gígùn, nítorí ẹni tó ń tọrọ àforíjì kó tó sọ̀rọ̀ ń mú kí a fura sí i.

Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìsí èsì, ìránnilétí kan lásán ni, lábẹ́ ímeèlì àkọ́kọ́ náà: "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ọṣẹ dúdú ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni. Ṣé kí n fi kílò kan náà ránṣẹ́, àbí kí n dá a dúró?" Kò ní kọ "Ṣé ẹ rí ímeèlì mi?", nítorí ìyẹn dà bí ẹjọ́, ẹni tó sì rí i tí kò fèsì yóò máa wá àwáwí dípò ọṣẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, kó wá ilé-iṣẹ́ mìíràn kọ̀wé sí.