Lẹ́tà tí ẹnu kì í pè: ìtàn tó wà nínú knowledge, Wednesday àti February



Ọmọ ilé wa kan tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì gbé ìwé àpèkọ rẹ̀ wá fún wa. "Nolej" ló kọ fún knowledge, "Wensday" fún Wednesday, "Febuary" fún February. Olùkọ́ fi yíǹkì pupa fa ìlà sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ náà ní, "Ohun tí mo gbọ́ ni mo kọ." Kò purọ́. Nínú Yorùbá tiwa, bí ẹnu bá pa ìró kan jẹ, ìwé náà á pa á jẹ: "baba ilé" di "baálé", a kò fi b kejì sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pa ìró jẹ, ṣùgbọ́n wọ́n fi lẹ́tà rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé. Ìtàn ló lè sọ ìdí rẹ̀ fún wa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí knowledge. Inú know, tó túmọ̀ sí "mọ̀", ló ti jáde. Láyé àtijọ́, cnawan ni wọ́n ń kọ ọ́, wọ́n sì ń pe k yẹn ketekete kí wọ́n tó pe n. Bí ẹ bá gbọ́ bí ará Jámánì ṣe ń pe orúnkún, Knie, ẹ óò gbọ́ k náà lẹ́nu rẹ̀ títí di òní. Ọ̀rọ̀ kan náà ni knee ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ k tiwọn ti dákẹ́. Ní 1476 ni William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ sí Westminster, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn atẹ̀wé sọ àkọtọ́ di ohun kan náà fún gbogbo ènìyàn. Nígbà tí k máa fi kúrò lẹ́nu wọn pátápátá, ní nǹkan bí ọdún 1700, ìwé ti dì í mú. Nítorí náà, ọmọ tó bá mọ̀ pé know, knew, known àti knowledge jẹ́ ọmọ ìyá kan náà kò ní gbàgbé k ọ̀kankan nínú wọn.

Wednesday ni ọjọ́ Woden, òrìṣà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń bọ kí wọ́n tó gba ẹ̀sìn Kristi. Àwọn ará Róòmù ti fi ọjọ́ náà fún Mercurius, òrìṣà tiwọn. Ibẹ̀ ni mercredi tí a ń sọ ní Faransé ti wá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ka Woden sí ẹgbẹ́ Mercurius, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ rọ́pò tirẹ̀: Wodnesdæg. Nígbà tó yá, o di e, d, n àti s sì fún mọ́ra jù fún ahọ́n, ló bá gbé d mì. Ọmọ tó bá rántí Woden yóò rántí d rẹ̀. Bó bá ń kọ ọ́, kó pè é nínú ọkàn rẹ̀ báyìí: Wed-nes-day.

February ni àwa tí a gbọ́ Faransé ti láǹfààní jù. Februarius ni àwọn ará Róòmù ń pe oṣù náà, nítorí februa, ètùtù ìwẹ̀nùmọ́ tí wọ́n máa ń ṣe nínú rẹ̀. Faransé sọ ọ́ di février. Ọwọ́ Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́kọ́ gbà á, v ló sì wà nínú rẹ̀ nígbà náà: feverer. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé padà sí Látìn, wọ́n sì tún un kọ pẹ̀lú b àti r. Ṣùgbọ́n r méjì tó súnmọ́ra báyìí ń yọ ahọ́n lẹ́nu, January sì wà nítòsí tí ẹnu ń fara wé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ju r àkọ́kọ́ nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ṣì ń pè é. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà náà ń sọ pé Fẹ́búárì, láìsí r yẹn. A ní kí ọmọ náà pe février sókè. Ó gbọ́ r lẹ́yìn v. A ní, "Fi b sípò v, kí o sì jẹ́ kí r jókòó síbi tó wà." Kò tún ṣì í kọ mọ́.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo lẹ́tà tó dákẹ́ ló ti dún rí o. S inú island kò dún rí nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn akọ̀wé ló rò pé ó bá isle, ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Faransé, tan, wọ́n sì ki s bọ̀ ọ́. Àṣìṣe wọn ló di òfin.

Nínú Yorùbá náà, ìtàn ọ̀rọ̀ ń tọ́ ọwọ́ wa. Ẹni tó bá mọ̀ pé ilé ló wà nínú baálé, tí ilẹ̀ sì wà nínú baálẹ̀, kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí àmì abẹ́ e yẹ kó wà.