Ọkitáànù: kí ló ń wọ̀n nínú ẹsáǹsì, kí ló sì dé tí àwọn ẹ̀rọ kan fi ń bèèrè èyí tó ga?

Bí ẹ bá ti gun mótò rí láti Atakpamé lọ sọ́nà Badou, tí èrò méjì wà lẹ́yìn pẹ̀lú àpò àgbàdo kan, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbọ́ ìró kan níbi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀. Ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan da òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo, tó wá ń mì ín: kan-kan-kan-kan. Bí ẹni tó ń gùn ún bá dẹ ọwọ́ lórí gáàsì, ìró náà á dákẹ́. Bó bá tún fa gáàsì, á tún padà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé, "Ẹsáǹsì yìí ò lágbára." Ọ̀rọ̀ náà sún mọ́ òótọ́, àmọ́ kì í ṣe agbára ni ẹsáǹsì ọ̀hún ò ní. Sùúrù ni kò ní. Iye sùúrù yẹn gan-an ni nọ́ńbà ọkitáànù ń sọ fún wa.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Pístọ́ọ̀nù á kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, á fa afẹ́fẹ́ tó ti dà pọ̀ mọ́ ẹsáǹsì wọlé. Lẹ́yìn náà á gòkè, á fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ibi kékeré kan lábẹ́ orí sílíńdà, èyí táwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní kuláàsì. Díẹ̀ kí pístọ́ọ̀nù tó dé òkè pátápátá, búùjì á ṣáná sí i. Iná yẹn kì í gba gbogbo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o. Ó máa ń rìn ni, bí iná ọ̀gbẹlẹ̀ tí wọ́n tan sí etí pápá kan ṣe máa ń rìn títí táá fi dé etí kejì. Bó ṣe ń rìn lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń ti pístọ́ọ̀nù sísàlẹ̀, títì yẹn ló sì ń yí táyà.

Wàhálà wà ní etí kejì pápá. Epo tí iná ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ti gbóná nítorí pé pístọ́ọ̀nù fún un pọ̀, èyí tó sì ti jó lẹ́yìn rẹ̀ tún ń wú, ó ń fún un mọ́ ògiri. Bí ooru náà bá pọ̀ jù, epo ìgún yẹn ò ní dúró de iná. Á gbiná fúnra rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbàà! Ìgbì tó ti ibẹ̀ jáde ló ń gbá ògiri sílíńdà àti orí pístọ́ọ̀nù, òun náà ni ẹ̀ ń gbọ́ bí òkúta inú agolo. Àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é ní kilikẹtí.

Ní ọdún 1926, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Graham Edgar dábàá ọ̀nà tí wọ́n lè gbà fi nọ́ńbà sí sùúrù epo. Ó mú oríṣi epo mímọ́ méjì. Ọ̀kan, ísò-ọkitáànù, ní sùúrù gan-an, nítorí náà wọ́n fún un ní 100. Èkejì, ẹpitáànù, kì í fara da ìfúnpọ̀ rárá, wọ́n sì fún un ní òdo. Títí dòní, bí wọ́n bá fẹ́ mọ nọ́ńbà ẹsáǹsì kan, wọ́n á dà á sínú ẹ̀rọ àyẹ̀wò oní-sílíńdà kan tí wọ́n lè sọ ìfúnpọ̀ rẹ̀ di púpọ̀ tàbí díẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n á máa fi kún ìfúnpọ̀ náà títí epo yẹn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kàn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á wá àdàlù ísò-ọkitáànù àti ẹpitáànù tó ń kàn bákan náà gẹ́lẹ́. Bó bá jẹ́ pé ìdá 91 ísò-ọkitáànù àti ìdá 9 ẹpitáànù ló bá a dọ́gba, nọ́ńbà ẹsáǹsì yẹn ni 91. Kò túmọ̀ sí pé ísò-ọkitáànù 91 ló wà nínú rẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ó ń ṣe bíi pé ó wà níbẹ̀.

(Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà tó ń sọ pé 87 lòun ń rà, ẹ má ṣe rò pé epo tiwọn burú ju ti wa lọ. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wọn ẹsáǹsì, èkejì sì le ju àkọ́kọ́ lọ. Ìdajì-ìdajì àwọn méjèèjì ni Amẹ́ríkà ń kọ sára ẹ̀rọ títà. 87 tiwọn ò jìnnà sí 91 tiwa.)

Ẹ wá rí i pé kò sí agbára kankan nínú ìdánwò yìí. Kò sẹ́ni tó wọn bí ooru inú lítà kan ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó bá ra ẹsáǹsì 95 sínú mótò tí 91 tó fún kò ní sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, owó ló kàn fi ṣòfò.

Kí wá ló dé tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fi ń wá ìfúnpọ̀ tó ga? Ìdí ni pé bí wọ́n bá fún epo pọ̀ dáadáa kí wọ́n tó tanná sí i, iná náà á ní àyè púpọ̀ sí i láti wú, iṣẹ́ tó máa ti inú lítà epo kan náà jáde á sì pọ̀ sí i. Àmọ́ ìfúnpọ̀ ń mú ooru wá. Ẹni tó bá ti fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ bí ìdí pọ́ǹpù náà ṣe máa ń gbóná. Bí ìfúnpọ̀ ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni epo tó wà ní ìgún yẹn á ṣe nílò sùúrù tó pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ lórí mótò 125 bí irú èyí tí àwọn sẹ́míjàn wa ń gùn. Sílíńdà ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ̀ tó mílímítà 56 ààbọ̀, pístọ́ọ̀nù sì ń rin mílímítà 49 ààbọ̀. Ìyẹn fún wa ní àyè tó tó sẹ̀ńtímítà kúbù 124. Bí àyè tó ṣẹ́ kù lókè nígbà tí pístọ́ọ̀nù bá gòkè tán bá jẹ́ 15 ààbọ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 139 ààbọ̀. Ẹ pín in sí 15 ààbọ̀, ẹ ó rí 9. Ohun tó kún inú àyè mẹ́sàn-án ni wọ́n ti fún pọ̀ sínú ẹyọ kan. Ẹsáǹsì lásán tó dára tó fún un.

Wàyí o, ká sọ pé mótò yẹn gbóná jù lọ́jọ́ kan, kuláàsì rẹ̀ sì tẹ̀. Mẹkáníìkì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń lọ irin, wọ́n lọ mílímítà kan kúrò lára rẹ̀ kó lè tẹ́jú. Mílímítà kan kéré lójú, àbí? Àmọ́ ní fífẹ̀ sílíńdà yẹn, sẹ̀ńtímítà kúbù 2 ààbọ̀ ló kúrò nínú àyè òkè. Àyè náà ti di 13, gbogbo rẹ̀ di 137. Ẹ tún pín in: ó di 10 ààbọ̀. Láìsọ fún ẹnikẹ́ni, mótò sẹ́míjàn ti di ẹ̀rọ tó ń bèèrè ẹsáǹsì tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó ni ín á máa bú epo, kò sì ní rántí ọjọ́ tí wọ́n lọ kuláàsì. Èédú tó ń dì sórí pístọ́ọ̀nù náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí díẹ̀díẹ̀, torí ó ń gba àyè, ó sì tún ń pa ooru mọ́ra.

Ó tún lè jẹ́ pé epo ló yí padà. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló ń ra budè nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, a ò sì wá dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ níbí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ ọn. Epo àtùpà ni àwọn kan máa ń fi lé e, tórí pé ó bá ẹsáǹsì pọ̀ láìsí àmì. Ọkitáànù epo àtùpà ò ju nǹkan bíi 20 lọ. Bí ẹnì kan bá da lítà kan rẹ̀ mọ́ lítà mẹ́rin ẹsáǹsì 91, nọ́ńbà àdàlù náà á já sí nǹkan bíi 77. Mótò á ṣí, á rìn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, àmọ́ bó bá kan òkè pẹ̀lú ẹrù, á bẹ̀rẹ̀ sí í kàn. Bí ẹ bá fura, ẹ kán díẹ̀ sórí bébà funfun, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Ẹsáǹsì gidi á gbẹ kíákíá, àmọ́ èyí tí epo àtùpà wà nínú rẹ̀ á fi àmì ọ̀rá àti òórùn sílẹ̀.

Síbẹ̀, ọkitáànù gíga nìkan ò sọ pé epo dára. Ní oṣù kejì ọdún 2022, àwọn aláṣẹ epo ní Nàìjíríà sọ pé ẹsáǹsì tí wọ́n kó wá láti Antwerp ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ní mẹtanóòlù tó ju ìwọ̀n lọ nínú. Ọkitáànù mẹtanóòlù ju 100 lọ, nítorí náà kì í ṣe kíkàn ló fà á. Ohun tí mẹtanóòlù ń ṣe ni pé ó ń jẹ rọ́bà àti àwọn irin kan, ó ń fa omi mọ́ra, agbára inú lítà rẹ̀ sì tó ìdajì ti ẹsáǹsì péré.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń rí "sáǹ pulọ́n" lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta súpà, inú ọ̀rọ̀ yìí náà ló ti wá. Ní 1921, Thomas Midgley àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí i pé ìwọ̀nba òjé díẹ̀ nínú ẹsáǹsì máa ń fún un ní sùúrù. Òjé sì jẹ́ májèlé, pàápàá fún ọpọlọ ọmọdé. Ní 2001, àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Dakar, wọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, nígbà tó sì fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2006, apá tiwa ti fi í sílẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni àwọn iléeṣẹ́ ìfọpo ń gbà gbé nọ́ńbà náà sókè báyìí.

Gásuwáàlì ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ẹ̀rọ akẹ́rù ò ní búùjì tó ń ṣáná, ńṣe ló ń fẹ́ kí epo tètè gbiná fúnra rẹ̀. Epo tí kò ní sùúrù ló dáa fún un.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé kíkàn lẹ̀ ń gbọ́? Bí ìró bá ń dún nígbà tí mótò dúró sójú kan láìsí ẹrù, ẹ ní kí wọ́n yẹ fáàfù wò kẹ́ ẹ tó bú epo. Kíkàn tòótọ́ ń wá lábẹ́ ẹrù, nígbà tí gáàsì ṣí tán tí ẹ̀rọ sì ń yí lọ́ra. Ẹ yọ búùjì: bí ẹ bá rí àwọn èérún funfun tó ń dán lára tángaran rẹ̀, irin pístọ́ọ̀nù ló ń yọ́ yẹn. Bẹ́ ẹ bá wá ń rí èéfín aláwọ̀ búlúù, tí òróró ẹ̀rọ sì ń dín kù, ó lè jẹ́ pé òrùka pístọ́ọ̀nù ti ṣẹ́.

Lójú ọ̀nà, ẹ má ṣe fipá mú un. Ẹ sọ fitẹ́ẹ̀sì kalẹ̀ sí èyí tó kéré kí ẹ̀rọ lè yára yí, torí pé bó bá yára, epo ìgún yẹn ò ní ráyè gbiná fúnra rẹ̀ kí iná búùjì tó dé bá a. Ẹ dẹ gáàsì díẹ̀, tàbí kí èrò kan bọ́ sílẹ̀ títí ẹ ó fi gun òkè tán. Nílé, ẹ ní kí wọ́n fọ kabúrétọ̀, torí bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù nínú àdàlù, ooru á pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ha èédú kúrò lórí pístọ́ọ̀nù. Bí wọ́n bá sì ti lọ kuláàsì rí, ẹ ní kí wọ́n fi júẹ̀ẹ̀ tó nípọn jù ti tẹ́lẹ̀ lọ sábẹ́ rẹ̀, kí àyè tó sọnù yẹn lè padà.