Ímeèlì sí péróòlù lórí owó ọjọ́ àìsàn: bó ṣe rí ní Ọ̀tà àti Sàngó-Ọ̀tà

Ímeèlì owó ọjọ́ àìsàn ni ìwé tí òṣìṣẹ́ ń kọ sí àwọn tó ń ṣírò owó oṣù, tí ará iṣẹ́ ń pè ní péróòlù, nígbà tí wọ́n bá yọ owó ọjọ́ tó fi ṣàìsàn kúrò nínú owó rẹ̀. Ní Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wá láti àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò àti ní ẹ̀bá ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ike, irin, oúnjẹ àti oògùn. Ìbéèrè mẹ́ta ló máa ń dá lé lórí: ọjọ́ mélòó ló yẹ kí wọ́n san owó rẹ̀, ìwé wo ló sọ bẹ́ẹ̀, àti pé èló ni owó ọjọ́ kan. Bí òṣìṣẹ́ kò bá ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, ó rọrùn fún péróòlù láti dáhùn èyí tó wù wọ́n, kí wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀.

Ohun tí òfin sọ

Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣẹ ìjọba ológun ní 1974, ló fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Abala 16 rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ní owó iṣẹ́ fún ọjọ́ tí kò ju 12 lọ láàárín ọdún kan, bí àìsàn fún ìgbà díẹ̀ bá dá a dúró, tí dókítà tó ní ìwé àṣẹ sì jẹ́rìí sí i. Ọjọ́ iṣẹ́ ni òfin ń kà, nítorí náà ọjọ́ Àìkú tí ẹni náà kì í lọ síbi iṣẹ́ kò sí nínú 12 yìí. Ọdún tí òfin ń sọ sì jẹ́ ti kàlẹ́ńdà, láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ títí dé oṣù Ọ̀pẹ.

Abala 19 ló pinnu iye owó náà. Tí wọ́n bá ń ṣírò owó àìsàn, owó oṣù gangan tí òṣìṣẹ́ ń gbà lówó nìkan ni wọ́n ń wò, ìyẹn bésíìkì. Ofátáìmù àti àlàwánsì kò sí níbẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti ń ṣìṣe: wọ́n á pín gbogbo owó oṣù wọn sí ọjọ́, wọ́n á sì béèrè ju ohun tí òfin fún wọn lọ.

Òfin yìí kò kan gbogbo ẹni tó ń gba owó oṣù. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ tàbí tó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ló pè ní òṣìṣẹ́. Ọ̀gá tó ń darí ilé-iṣẹ́ tàbí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ gíga, bí ẹnjiníà àgbà, kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó bá wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ tirẹ̀ nìkan ló lè fi béèrè. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ wúlò fún òṣìṣẹ́ náà, nítorí ó lè fún un ní ọjọ́ tó ju 12 lọ tàbí owó oṣù kíkún. Kò lè fún un ní ohun tó kéré sí ti òfin. Abala 7 sọ pé kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó to àdéhùn iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ láàárín oṣù mẹ́ta tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ owó àìsàn sì wà lára ohun tó yẹ kí ìwé náà sọ.

Ìfarapa níbi iṣẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ bá gé ní ọwọ́ wà lábẹ́ Òfin Owó Gbà-má-bínú fún Òṣìṣẹ́ ti 2010, tí àjọ NSITF ń bójú tó. Bí péróòlù bá ka ọjọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi wà ní ilé ìwòsàn mọ́ ọjọ́ 12 ti àìsàn lásán, ó yẹ kí ímeèlì náà sọ fún wọn pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.

Ta ni agbanisíṣẹ́?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà ló jẹ́ pé kọ́ńtíráktọ̀ ló kó wọn wá sí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ ni súpáfáísọ̀ wọn wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tẹ ìka sórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kọ́ńtíráktọ̀ ló ń san owó oṣù. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kọ ímeèlì sí ilé-iṣẹ́, wọ́n á ní kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn. Ohun méjì ló ń fi agbanisíṣẹ́ hàn: orúkọ tó wà lórí ìwé ìgbanisíṣẹ́, àti orúkọ tó ń jáde nínú aláàtì báǹkì nígbà tí owó oṣù bá wọlé. Bí orúkọ méjèèjì kò bá bára mu, ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ni wọ́n ń kọ sí, wọ́n á sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí èkejì.

Ìwé dókítà àti bí àṣìṣe ṣe ń wọlé

Ohun tó sábà máa ń ba irú ẹjọ́ yìí jẹ́ ni àìsí ìwé dókítà. Bí ibà bá mú òṣìṣẹ́, kẹ́míìsì tó wà ládùúgbò ló máa ń kọ́kọ́ lọ, tàbí kó mu àgbo títí ara yóò fi yá. Ó lè ṣàìsàn lóòótọ́, kí gbogbo ará ilé sì mọ̀, ṣùgbọ́n rìsíìtì kẹ́míìsì kì í ṣe ẹ̀rí lójú abala 16. Ìwé tí wọ́n ń pè ní ẹ̀síkúùsì dúútì, tí dókítà fọwọ́ sí, tó sì kọ ọjọ́ tí ìsinmi bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí sí, ni òfin mọ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ìgbanisíṣẹ́ tún máa ń béèrè pé kó wá láti ilé ìwòsàn tí ilé-iṣẹ́ bá dá mọ̀ tàbí kí dókítà wọn yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ti ka ibẹ̀ kó tó kọ̀wé.

Ìdí kejì ni àkókò. Péróòlù máa ń ti ìwé wọn ní ọjọ́ kan pàtó kí oṣù tó parí. Ẹ̀rọ títẹ ìka ti sọ fún wọn pé ẹni náà kò wá. Bí ẹ̀síkúùsì dúútì bá wà nínú dúrọ́ọ̀ súpáfáísọ̀ títí ọjọ́ yẹn fi kọjá, wọ́n á kà á sí ẹni tó pa iṣẹ́ jẹ. Irú àṣìṣe yìí kì í le láti tún ṣe, wọ́n á san án mọ́ owó oṣù tó ń bọ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ẹ̀yìn.

Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ ká mú òṣìṣẹ́ kan tó ń lo ẹ̀rọ ike, tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Bésíìkì rẹ̀ jẹ́ ₦78,000, owó mọ́tò àti owó ilé jẹ́ ₦26,000, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦104,000. Ilé-iṣẹ́ náà ń fi 26 pín owó oṣù. Bésíìkì ọjọ́ kan jẹ́ ₦3,000, àlàwánsì ọjọ́ kan jẹ́ ₦1,000. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ sọ pé ọjọ́ àìsàn yóò rí bí Òfin Iṣẹ́ ṣe là á kalẹ̀.

Ó ṣàìsàn láti ọjọ́ Ajé, 7 títí dé ọjọ́ Ẹtì, 11 oṣù Agẹmọ 2025, dókítà sì fún un ní ìwé. Ó fún súpáfáísọ̀ ní ìwé náà ní ọjọ́ 12. Nígbà tí péésílíìpù jáde, wọ́n ti yọ ọjọ́ márùn-ún: ₦4,000 lọ́nà márùn-ún, ìyẹn ₦20,000.

Gbogbo ₦20,000 ló kọ́kọ́ fẹ́ béèrè. Ṣùgbọ́n ó ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní oṣù Èrèlé àti oṣù Igbe ọdún kan náà, wọ́n sì ti san owó wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù nínú 12. Ọjọ́ mẹ́ta lórí bésíìkì jẹ́ ₦9,000, iye yìí sì ni òfin dúró lé. Ká ní ìwé rẹ̀ sọ pé owó oṣù kíkún ni wọ́n á fi san ọjọ́ àìsàn, ì bá jẹ́ ₦12,000. Ọjọ́ méjì tó ṣẹ́kù kò ní owó lábẹ́ òfin. Ó lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ wọ́n nínú lífù ọdún rẹ̀, ilé-iṣẹ́ sì lè gbà tàbí kó kọ̀.

Ímeèlì náà

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà ń fi kọ irú rẹ̀, ohun tó ń sọ kò sì gùn:

*Àkọlé: Owó ọjọ́ àìsàn, 7 sí 11 oṣù Agẹmọ 2025, nọ́ńbà òṣìṣẹ́ mi*

*Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá. Nínú péésílíìpù oṣù Agẹmọ, ẹ yọ ₦20,000 fún ọjọ́ márùn-ún. Mo ṣàìsàn ní àwọn ọjọ́ náà, mo sì fún súpáfáísọ̀ mi ní ìwé dókítà ní ọjọ́ 12. Ẹ̀dà rẹ̀ nìyí, pẹ̀lú péésílíìpù àti ojú ewé ìwé ìgbanisíṣẹ́ tó sọ̀rọ̀ ọjọ́ àìsàn.*

*Nínú àkọsílẹ̀ tèmi, mo ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ́dún yìí, ó sì ku mẹ́ta nínú 12 tí abala 16 Òfin Iṣẹ́ fún mi. Lórí bésíìkì, owó ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ ₦9,000. Mo bẹ yín kí ẹ san án mọ́ owó oṣù Ògún. Bí iye ọjọ́ tó wà lọ́dọ̀ yín bá yàtọ̀ sí tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àkọsílẹ̀ yín ránṣẹ́ sí mi. Mo tún ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ yọ ọjọ́ méjì yòókù nínú lífù mi. Ẹ ṣeun, ọ̀gá.*

Ibi tó ti béèrè àkọsílẹ̀ wọn ló ṣe pàtàkì jù. Bí péróòlù bá ti ka ọjọ́ Àìkú mọ́ ọn, tàbí tí wọ́n bá kọ ọjọ́ lífù sílẹ̀ bí ọjọ́ àìsàn, ibẹ̀ ni yóò ti hàn.

Bí wọn kò bá dáhùn

Ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, níbi tí ó bá ti wà. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nínú òfin Nàìjíríà, nítorí náà ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà kò ní àṣẹ lórí rẹ̀. Ọ́fíìsì iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, tó wà ní Abẹ́òkúta, ni wọ́n ń gbé ẹ̀sùn lọ, àwọn tó wà níbẹ̀ sì lè pe ìhà méjèèjì jókòó. Lẹ́yìn èyí ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ń Rí sí Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́, tí àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè ti 2010 fún lágbára lórí irú ẹjọ́ yìí. Nítorí ₦9,000, owó lọ́yà yóò ti pọ̀ ju owó tí wọ́n ń jà lé lórí lọ. Ìdí nìyí tí irú ẹjọ́ báyìí fi sábà ń parí sí ọwọ́ péróòlù fúnra wọn, tàbí kí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n yọ owó wọn lọ́nà kan náà pa ẹ̀sùn wọn pọ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́.

Bí wọ́n bá gbà láti san án, péésílíìpù oṣù tó tẹ̀ lé e ni kí òṣìṣẹ́ wò, kó má wo aláàtì báǹkì nìkan. Owó-orí àti owó ìfẹ̀yìntì lè mú kí iye tó wọ báǹkì kéré sí ₦9,000, síbẹ̀ kó jẹ́ pé wọ́n ti san án pé.