Ìjákulẹ̀ ìfaradà-ara-ẹni nínú lúpọ́ọ̀sì àti làkúrègbé rúmátọ́ọ̀dì

Ìfaradà-ara-ẹni ni agbára ètò àjẹsára láti dá ẹ̀yà ara mọ̀, kí ó má sì bá a jà. Púpọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó lè kọlu ara ni ara ń pa run kí wọ́n tó dàgbà, ṣùgbọ́n díẹ̀ máa ń yè bọ́. Ohun tó ń ta wọ́n jí yàtọ̀ nínú àrùn méjèèjì.

Nínú lúpọ́ọ̀sì, ara kì í tètè kó òkú sẹ́ẹ̀lì kúrò, ohun àbùdá inú wọn á sì hàn síta. Ara á ṣe èròjà agbóguntì tó ń lẹ̀ mọ́ ohun àbùdá yìí. Ẹ̀jẹ̀ á wá gbé àwọn méjèèjì lọ há sínú kíndìnrín. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí a bí láìní purotéènì C1q, tó ń ṣèrànwọ́ láti kó òkú sẹ́ẹ̀lì, ló ń ní lúpọ́ọ̀sì.

Nínú làkúrègbé rúmátọ́ọ̀dì, purotéènì ara fúnra rẹ̀ ló yí padà. Èéfín sìgá lè fa ìyípadà yìí nínú ẹ̀dọ̀fóró, ara á sì kà á sí àjèjì. Èròjà agbóguntì rẹ̀ lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí oríkèé tó wú. Àrùn yìí ń jẹ egungun oríkèé. Lúpọ́ọ̀sì kì í sábà jẹ ẹ́.